Irùngbọ̀n Obìnrin: Òwú Ni, Ẹ̀rọ Ìgẹrun Ni, Tàbí Abẹ?

Olùkọ́ obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí mo mọ̀ dáadáa. Ní agogo márùn-ún ìdájí ni í máa ń jí, kì í sì í ṣe nítorí ìwé àwọn ọmọ tí ó fẹ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe nítorí àgbọ̀n rẹ̀. Yóò tan iná, yóò gbé dígí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, yóò sì máa fi ìka wá irun kọ̀ọ̀kan kiri. Irun náà kò ju bí ọgbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dúdú, wọ́n le, wọ́n sì wà ní ibi tí ojú ọmọ ilé ìwé máa ń kọ́kọ́ bà lé nígbà tí ó bá gbé orí sókè láti inú ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kékeré kan bi í léèrè láàrin kíláàsì pé, “Mà, ṣé ẹ̀yin náà máa ń hu irùngbọ̀n bíi ti bàbá mi ni?” Kíláàsì bú sí ẹ̀rín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó délé, ó sunkún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni èyí. Obìnrin tí ó hu irun dúdú ní ètè òkè, ní àgbọ̀n, tàbí ní abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ láàrin wa ju bí a ti ń rò lọ, nítorí pé àwọn tí wọ́n ní i kì í sọ ọ́. Àwọn kan a máa wí pé owó ni irú irun bẹ́ẹ̀ ń pè wá sílé, àwọn mìíràn a sì máa wí pé ìkà ni obìnrin tí ó ní i. Ọ̀rọ̀ lásán ni méjèèjì. Ohun tí èmi fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lónìí ni ohun tí obìnrin lè fi irun náà ṣe láti ọjọ́ dé ọjọ́ láìba ojú ara rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo rí, kì í ṣe irun ni ó ba ojú wọn jẹ́, bí kò ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà mú irun kúrò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni kí a fi òwú fà á tu, bí àwọn onídìrí ti máa ń ṣe sí irun òkè ojú. Èkejì ni kí a fi ẹ̀rọ ìgẹrun kékeré tàbí sísọ́ọ̀sì gẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí a fi abẹ fá a. Bí àwọn obìnrin bá jókòó sọ̀rọ̀ nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ó ń mú ojú dán jù lọ ni wọ́n máa ń bi ara wọn. Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí ó ṣáájú: bí a bá ti ṣe tán, níbo ni a fi orí irun náà sílẹ̀ sí? Bí a bá fi òwú fà á, gbogbo irun náà jáde pẹ̀lú gbòǹgbò, èyí tí yóò sì hù tẹ̀ lé e yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ abẹ́ awọ ara. Bí a bá fi abẹ fá a, orí irun dọ́gba pẹ̀lú awọ ara. Bí a bá fi ẹ̀rọ gẹ̀ ẹ́, orí irun ṣì yọ díẹ̀ sí òkè. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń pinnu bí ojú yóò ti rí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Irun ènìyàn dúdú a máa ká, ihò tí ó sì ti ń hù jáde pàápàá kì í nà gbọọrọ nínú awọ ara; ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Irun tí ó bá ń ti abẹ́ awọ bọ̀ lè ṣìnà, kí ó gún ẹ̀gbẹ́ ihò tirẹ̀ kí ó tó jáde rárá. Irun tí ó sì ti jáde, tí orí rẹ̀ mú ṣóńṣó, lè ká padà kí ó tún wọ inú awọ lọ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti jáde. Ara kò mọ̀ pé irun tirẹ̀ ni. Bí ara ti ń ṣe sí ẹ̀gún tí ó wọ ẹsẹ̀ ni yóò ṣe sí i: ibẹ̀ yóò wú, yóò máa yún ni, yóò sì ṣe ọyún nígbà mìíràn. Nígbà tí ó bá san, yóò fi àpá dúdú sílẹ̀, àpá náà sì lè pẹ́ ní oṣù púpọ̀ ju irun tí ó fà á lọ.

Ẹ lè dán irun tiyín wò nílé. Ẹ jẹ́ kí irun àgbọ̀n kan ṣoṣo gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí ẹ sì gbé e lé orí ìwé funfun. Bí ó bá nà bí àmì ìlà, ara yín lè gba èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ ṣọ́ra fún ohunkóhun tí ó bá ń fi orí irun sí abẹ́ awọ. Kí ẹ sì dán ti ètè òkè wò lọ́tọ̀, nítorí pé irun ètè òkè sábà máa ń rọ̀, kì í sì í ká tó ti àgbọ̀n. Obìnrin kan náà lè ní irun oríṣi méjì ní ojú kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa. Òwú ni ó kọ́kọ́ yàn, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé iṣẹ́ òwú dùn ún wò. Láti Íńdíà àti ilẹ̀ Páṣíà ni iṣẹ́ náà ti wá, ó sì ti di ohun tí a ń rí ní ilé àwọn onídìrí káàkiri àwọn ìlú ńlá wa. Onídìrí yóò gé òwú ìránṣọ gígùn bí ọwọ́ ènìyàn, yóò so orí méjèèjì pọ̀, yóò sì lọ́ ọ ní àárín ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje. Bí ó bá ti ń ya ìka ọwọ́ kan tí ó sì ń pa ìka ọwọ́ kejì dé, ibi tí òwú lọ́ náà yóò máa sáré síwá sẹ́yìn lórí awọ ara, irun tí ó bá sì há sí àárín rẹ̀ yóò tu pẹ̀lú gbòǹgbò. Irun gbọ́dọ̀ tó bíi mílímítà méjì kí òwú tó lè dì í mú. Èyí tí ó bá tu kò ní í padà kí ó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, àǹfààní rẹ̀ sì nìyẹn: ènìyàn lè gbàgbé àgbọ̀n rẹ̀ fún àwọn ọjọ́ wọ̀nyí.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dára fún un. Ní oṣù kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí kókó kéékèèké lábẹ́ àgbọ̀n, àwọn kan ní ojú funfun. Ó rò pé rorẹ́ ni, ó sì ra ìpara rorẹ́. Kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irun kò tu. Ńṣe ni wọ́n já sí abẹ́ awọ. Irun tí ó le tí ó sì ká kì í sábà gbà kí òwú fa òun jáde ní ọwọ́ kan bí irun tí ó rọ̀, pàápàá bí onídìrí bá ń kánjú tí kò sì na awọ ara dáadáa. Èyí tí ó já náà ní orí mímú, ó sì ń wá ọ̀nà jáde láti inú òkùnkùn. Àwọn tí ó tu dáadáa pàápàá, èyí tí ó hù rọ́pò wọn ṣì ní ihò títẹ̀ yẹn láti là kọjá.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá rorẹ́ ni tàbí irun? Ẹ mú dígí súnmọ́ ojú nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ẹ sì tẹ́ awọ ibẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín tàbí ìdajì òrùka lábẹ́ awọ, irun ni. Bí kókó náà bá sì ń yọ ní ibi tí a ti fa irun nìkan, tí iwájú orí àti imú mọ́ tónítóní, irun ni. Ṣùgbọ́n bí ojú funfun kéékèèké bá yọ ní ọjọ́ kejì tí a fa òwú, tí ó sì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, ihò irun ni ó bínú. Èyí kì í ṣe ohun ńlá, bí a kò bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa òwú. Àwọn onídìrí kan a máa fi eyín di orí òwú kan mú. Itọ́ yóò sì máa ti ẹnu wọn dé ojú ẹni tí wọ́n ń ṣe, ojú náà sì ti ní ihò kéékèèké tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ bẹ onídìrí yín kí ó so òwú rẹ̀ mọ́ ọrùn tàbí kí ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ó sì gé òwú tuntun fún ẹ̀yin nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹni tí ó bá ń fi ìpara tí ń bó awọ, tàbí ìpara rorẹ́ tí ó lágbára, pa ojú má ṣe jẹ́ kí òwú kan ibẹ̀, nítorí pé òwú lè bó awọ náà lọ pẹ̀lú irun.

Nígbà tí òwú já a kulẹ̀, olùkọ́ wa yí sí abẹ. Ìyá rẹ̀ figbe ta pé, “Má ṣe é, ọmọ mi! Bí o bá fá a lẹ́ẹ̀kan, yóò di irùngbọ̀n bàbá arúgbó.” Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ yìí tí a kì í ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Láti ọdún 1928 ni Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ara ènìyàn ní ìlú Sẹnt Luis ní Amẹ́ríkà, ti kó irun àwọn ọkùnrin tí ń fárùngbọ̀n jọ tí ó sì wọ̀n ọ́n, tí kò sì rí i pé fífá mú kí irun yára hù tàbí kí ó nípọn. Ohun tí ó ń tan àwọn ìyá wa jẹ ni pé irun tí a kò tí ì gé rí a máa tín-ín-rín ní orí bí ewé koríko. Abẹ gé orí tín-ín-rín yẹn kúrò, ó sì fi àárín rẹ̀ tí ó nípọn sílẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ kàn án yóò le bí kòríkò tí a fi àdá gé, ṣùgbọ́n irun àtijọ́ náà ni. Abẹ kò dé ibi gbòǹgbò, gbòǹgbò ni ó sì ń pinnu bí irun yóò ti tóbi tó.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rù ni àléébù abẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé irun ojú a máa gùn ní bí ìdá mẹ́ta mílímítà kan lójúmọ́, ẹni tí ó bá sì fá àgbọ̀n ní òwúrọ̀, òjìji dúdú yóò ti hàn níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Yóò wá máa fá a lójoojúmọ́. Bí irun rẹ̀ bá sì ń ká, orí mímú tí abẹ fi sílẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú awọ ni ó rọrùn jù lọ fún láti tún wọ inú awọ padà. Abẹ olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tilẹ̀ burú ju olójú kan lọ, nítorí pé ojú àkọ́kọ́ a máa fa irun sókè, èyí tí ó tẹ̀ lé e a sì gé e, irun náà yóò wá padà wọlé sí abẹ́ awọ. Wọ́n ṣe é kí ojú lè dán fún àwọn tí irun wọn nà. Ìwé ìlànà tí ó wà nínú páálí rẹ̀ kò mọ irú irun tí ó wà ní àgbọ̀n tiwa.

Ẹni tí ó bá ní ìdí láti fá a, bóyá nítorí ìgbéyàwó tàbí àwòrán, kí ó lo abẹ olójú kan tí ó mú, kí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Abẹ tí ènìyàn méjì bá lò lè gbé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ àti ti éèdì láti ara ẹnì kan dé ara ẹnì kejì. Kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ irun náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó máa fá a sí ibi tí irun kọjú sí, kí ó má na awọ, kí ó má sì padà sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbọ̀n olùkọ́ wa ti ṣú dúdú nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà kò kọ́kọ́ kọ oògùn fún un. Ó ní kí ó má ṣe fà, kí ó má sì ṣe fá, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìmọ̀ràn yìí nira fún obìnrin tí ó ń dúró níwájú ọmọ ogójì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: irun tí ó ti ká wọ inú awọ, bí a bá jẹ́ kí ó máa gùn, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bí wáyà tí a tẹ̀. Ní alaalẹ́, ó ń fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi gbígbóná díẹ̀ lé àgbọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ibi tí ó bá ti rí òrùka irun lórí awọ, ó ń fi abẹ́rẹ́ tí a fi sípírítì nù gbé e sókè jẹ́jẹ́. Kò fà á tu, kò sì walẹ̀ fún èyí tí kò hàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kókó tuntun kò yọ mọ́.

Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ẹ̀rọ ìgẹrun ni ó gbà á là. Ẹ̀rọ kékeré alábátírì ni, tí kò nípọn ju gègé lọ. Dókítà gbà á láàyè nítorí pé, bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, yóò fi bíi mílímítà kan sílẹ̀ lókè. Irun tí orí rẹ̀ wà lókè báyìí kò ní ihò tí yóò ṣìnà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kì í sì í pọ́n orí rẹ̀ bí abẹ ti ń ṣe. Ohun tí olùkọ́ náà fi san owó rẹ̀ ni pé àgbọ̀n rẹ̀ kò dán. Ẹni tí ó bá fi ẹnu kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ibi tí ọmọ ilé ìwé jókòó sí, irun tí ó gùn ní mílímítà kan kò hàn, pàápàá ní ojú tí awọ rẹ̀ kò ní àpá. Ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ náà ń gbà, ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, láìlo omi, láìlo ọṣẹ. Ojú gbígbẹ ni ó dára jù fún un, nítorí pé irun tútù a máa lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ̀rọ kò sì ní í rí i mú.

Àṣìṣe kan tí ó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ó ń tẹ ẹ̀rọ mọ́ àgbọ̀n gidigidi kí ó lè dán bí abẹ. Awọ ibẹ̀ pupa, kókó méjì sì tún yọ. Mo sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ dà bí abẹ, yóò gba wàhálà abẹ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá lè ra ẹ̀rọ lè lo sísọ́ọ̀sì kékeré tí orí rẹ̀ kò mú. Ó lọ́ra, ó sì nílò dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Àwọn irun tí wọ́n rọ̀ ní ètè òkè rẹ̀ ńkọ́? Òwú ni ó ṣì ń lò níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì tí ì rí kókó kan. Kò sí òfin tí ó sọ pé ọ̀nà kan ni a gbọ́dọ̀ lò fún gbogbo ojú.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí òwú, ẹ̀rọ àti abẹ kò lè yanjú. Bí irun dúdú bá ṣàdédé hù láàrin oṣù díẹ̀ ní ojú tí kò ní i tẹ́lẹ̀, tàbí tí nǹkan oṣù ń fò, tàbí tí ohùn ń nípọn, tí irun iwájú orí sì ń re, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ, kì í ṣe ilé onídìrí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ilé ẹyin obìnrin ni ó ń pèsè èròjà tí ń mú ọkùnrin hu irùngbọ̀n ju bí ó ti yẹ lọ, èyí sì ní ìtọ́jú. Kí dókítà sì béèrè nípa ìpara tí a fi ń bóra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oògùn líle tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, èyí tí ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, tí ó sì lè mú irun hù ní ibi tí a ń fi í pa. Mo ti rí ìyá kan tí ó ń fi ọwọ́ òsì pa ìpara yìí, tí ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún tu irun tí ìpara náà hù fún un.

Ti olùkọ́ wa kì í ṣe àìsàn. Ìyá rẹ̀ ní i, ìyá ìyá rẹ̀ sì ní i. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí àpá dúdú àgbọ̀n rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ó sì ń fi gèlè tàbí fìlà etí fífẹ̀ bo ojú rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn nígbà tí ó bá ń ṣọ́ àwọn ọmọ ní pápá, nítorí pé oòrùn a máa mú irú àpá bẹ́ẹ̀ dúdú sí i. Nísinsìnyí, agogo mẹ́fà ni ó ń jí. Ẹ̀rọ kékeré náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ẹfun àti pẹ́ńsù pupa, òróró ẹ̀kán kan sì ni ó ń fi sí ẹnu rẹ̀ ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan kí ó má baà máa fa irun dípò kí ó gé e.